Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí máàsì Màmá àgbà

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Sáríà? Mo rí nǹkan tó o kọ sórí Wásáàpù ẹbí, pé owó tí àǹtí ẹ fẹ́ fi bẹ máàsì fún Màmá àgbà lóṣù kọkànlá ti wọgbó, pé ẹni tó kú ti kú, bí kì í bá ṣe ọ̀run rere, àpáàdì ni, kò sí àárín. Àǹtí ẹ ò fèsì níbẹ̀, àmọ́ ó pè mí lálẹ́, ó sì ń sunkún. Mi ò ní kó o fi ṣọ́ọ̀ṣì ẹ sílẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kó o mọ ohun tó ò ń bá jà kó o tó bá a jà ni.

Àárín tó o ní kò sí yẹn làwa Kátólíìkì ń pè ní pọ́gátórì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí òkú ti ń rí àyè ronú pìwà dà lẹ́ẹ̀kejì ni. Rárá o, ikú ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti rí ìgbàlà, kò lè dé àpáàdì mọ́ láé, ọ̀run rere nìkan ló ń lọ, ó kàn jẹ́ pé inú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló kú sí àmọ́ àbàwọ́n ṣì wà lára ẹ̀, wọ́n sì ní láti wẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó rí ojú Ọlọ́run. Tó o bá fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀kọ́ yìí yé, bi í pé ṣé ẹni tó wà ní pọ́gátórì ṣì lè bọ́ sí àpáàdì. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì yé e, kódà kó jẹ́ pé ilé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí.

Ìwé Mákábì Kejì orí 12 ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Júdásì Mákábì, olórí ogun àwọn Júù, lọ gbé òkú àwọn ọmọ ogun ẹ̀ tó kú lójú ìjà, ló bá rí i pé gbogbo wọn ló fi oògùn òrìṣà àwọn ará Jámníà sábẹ́ aṣọ. Àwọn tó kú sójú ìjà Ọlọ́run rèé o, ẹ̀ṣẹ̀ sì rèé lára wọn. Kò sọ pé wọ́n ti gbé, kò sì ṣe bí ẹni tí ò rí oògùn yẹn, ńṣe ló dá owó jọ, dírákímà fàdákà 2,000, ó fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kí wọ́n fi rú ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Ìwé yìí ò sí nínú Bíbélì tó ò ń gbé lọ sí fẹ́lóṣíìpù, torí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ò kà á mọ́ Ìwé Mímọ́. Pásítọ̀ ẹ á tọ́ka sí olè orí àgbélébùú tí Jésù sọ fún pé lónìí ló máa wà pẹ̀lú òun ní Párádísè, ẹsẹ tó lágbára ni, mi ò jiyàn. Àwa náà á tọ́ka sí Kọ́ríńtì Kìíní orí 3, ẹni tó rí ìgbàlà àmọ́ bí ẹni tó la iná kọjá.

Ti owó yẹn, òótọ́ wà nínú ìbínú ẹ. Torí ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà kiri ni Lútérù, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ṣe bínú lọ́dún 1517. Àmọ́ òfin ìjọ lónìí gba fádà níyànjú pé kó ṣe máàsì fún tálákà bí ò tiẹ̀ mú kọ́bọ̀ wá. Ẹni tó bá sì sọ fún àǹtí ẹ pé máàsì mélòó kan ló máa mú Màmá jáde, irọ́ ló pa, kò sẹ́ni tí wọ́n fi ìyẹn hàn láyé.

Wá wo ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí wa tó wà ní Kàdúná, tí gbogbo wa lọ jókòó níbi fídáù tó ṣe. Àwọn Mùsùlùmí ò ní pọ́gátórì, àmọ́ wọ́n ní bárúsákì láàárín ikú àti ọjọ́ àjíǹde, máláíkà méjì, Múnkárì àti Nàkírì, á bi òkú léèrè nínú sàréè, wọ́n sì gbà pé Mùsùlùmí tó dẹ́ṣẹ̀ lè wọná kó sì jáde, torí hádíìsì sọ pé ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò ju hóró músítádì lọ á kúrò níbẹ̀. Nǹkan tí àwa fi sí pọ́gátórì, inú sàréè àti inú iná fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Àwọn náà ń jiyàn láàárín ara wọn: àwọn Ìsálà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì lọ́dún 1978, ò fara mọ́ fídáù, wọ́n ní àdádáálẹ̀ ni. Síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kí wọ́n má ṣàdúrà fún òkú, ìrun òkú gan-an àdúrà fún un ni.

Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ kú, o kọ ọ́ sí sítátọ́ọ̀sì ẹ pé kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Àdúrà fún òkú nìyẹn, ọmọ mi. Mi ò tíì gbọ́ ọ nílé òkú kan rí, ti Kátólíìkì, ti Mùsùlùmí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ, kí wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń sin ti wà ní àpáàdì, kódà nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ ìwà ẹ̀. Alààyè ni wọ́n fi àpáàdì ń kìlọ̀ fún, òkú tiwọn, àánú Ọlọ́run ni wọ́n ń fi lé lọ́wọ́. Ìjọ Kátólíìkì náà, bó ṣe pẹ́ tó yìí, kò tíì dárúkọ ẹnì kan pé àpáàdì lonítọ̀hún wà.

Pe àǹtí ẹ kó o bẹ̀ wọ́n, má kọ ọ́ sórí gúrúùpù, pè wọ́n. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni máàsì àwọn òkú. Wá bá wa jókòó. Ibi tí ọkàn ẹ ò bá ti gbà kó o ṣe àmín, má ṣe é, mi ò ní wo ẹnu ẹ. Mo ti fi owó mọ́tò sí àkáǹtì ẹ, má wọ mọ́tò alẹ́ o.

Bàbá ẹ,
Kúbúwà, Àbújá