Ìmìtìtì ilẹ̀ kan kì í ní ìwọ̀n agbára méjì

Sí Olóòtú,

Nínú àròkọ yín lórí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní Mẹ́síkò ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985, ẹ ní ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8 ní etíkun, àmọ́ nígbà tó fi máa dé olú-ìlú, ó ti di 9. Nọ́ńbà méjèèjì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Agbára kan náà ni ẹni tó ń gún iyán lẹ́yìnkùlé fi ń sọ ọmọ odó kalẹ̀, síbẹ̀ abọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ lè máa gbọ̀n kí ará ilé kejì má mọ nǹkan kan. 8 ni agbára tí ilẹ̀ tú jáde ní orísun rẹ̀: ibi yòówù kéèyàn wà, kì í yí padà, bí ó bá sì fi 1 lé sí i, agbára náà á ti di nǹkan bí ìlọ́po 32. 9 ní tirẹ̀ ń sọ bí ìmì ṣe le tó ní àdúgbò kan, lórí òṣùwọ̀n Mercalli tó lọ láti 1 dé 12. IX ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Mo fura pé ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di 9 ni àṣìṣe ti wọlé.

Orí amọ̀ adágún omi àtijọ́ ni wọ́n kọ́ apá kan olú-ìlú náà sí. Amọ̀ yìí mì bí ẹ̀kọ tútù nínú àwo, ó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2, àwọn ilé alájà 6 sí 15 ló sì fara gbá a jù. Ní àwọn àdúgbò tó wà lórí àpáta nínú ìlú kan náà, ìbàjẹ́ kò pọ̀.

Ẹ tún ní ibi tí ilé ti wó jù ni wọ́n fi mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, olú-ìlú ni wọn ìbá nàka sí, ibi tó jìnnà sí orísun náà ju 350 kìlómítà lọ. Ìgbì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nínú àpáta, ìgbì àkọ́kọ́, P, ń sáré tó kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkejì, S, sì ń sáré tó 3.5. Wọ́n jọ gbéra ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni àlàfo wọn ń fẹ̀ tó, bíi ti mànàmáná àti àrá. Bí ẹ̀rọ kan tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìmì ilẹ̀ bá gba P, tí S sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 45, ìyára méjèèjì yìí fi hàn pé àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá kan dúró fún kìlómítà 8.4, nítorí náà a ó fi 8.4 sọ ọ́ di púpọ̀: kìlómítà 378. Èyí kò sọ ìhà tó ti wá, nítorí náà a ó fa òbìrípo yí ẹ̀rọ náà ká. Òbìrípo ti ẹ̀rọ kejì á gé e ní ojú méjì, ẹ̀kẹta ni yóò sì yan ọ̀kan nínú wọn.

Òbìrípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pàdé lójú kan ṣá. Abẹ́ ilẹ̀ ni orísun wà, ìyára ìgbì máa ń yàtọ̀ láti àpáta sí àpáta, S sì máa ń dé nígbà tí P kò tíì rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣìkà ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti fi kìlómítà 8 ṣìnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ púpọ̀, tí kọ̀ǹpútà á máa sún ibi, ìjìn àti àkókò títí wọn yóò fi bá ohun tí àwọn ẹ̀rọ gbà mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ báyìí: agbára 8, ìmì IX ní àdúgbò orí adágún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.