Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀ràn wo gan-an lo fẹ́ wádìí?

Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara ọmọ ti yá. O ní alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí rẹ sọ pé àrùn Ebólà tó wọ Èkó lọ́dún 2014 nìkan kò tó, pé kí o fi Mọnrófíà, olú ìlú Làìbéríà, kún un. Má tíì dá a lóhùn. Kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀ràn rẹ jẹ́, torí nínú àbá tí o fi ránṣẹ́, mo rí ọ̀ràn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn: Nàìjíríà lápapọ̀, ìlú Èkó, àti iṣẹ́ àwọn tó ń tọpinpin ẹni tó fara kan aláìsàn.

Ẹ̀kẹta ni mo bá ọ mú, torí ìbéèrè rẹ ni kí ló dá àrùn náà dúró. Pààlà rẹ̀ kò sì nira. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù Keje, nígbà tí arìnrìn-àjò tó ti Làìbéríà wá ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ó parí ní 20 oṣù Kẹwàá, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebólà. Kì í ṣe ọjọ́ tí a kàn mú: ọjọ́ 21 ni ẹni tó kó o lè pẹ́ tó kí àmì tó yọ, ọjọ́ 42 láìrí aláìsàn tuntun ni wọ́n sì ń kà kí wọ́n tó kéde. Nínú pààlà yìí, àwọn 20 ló ṣàìsàn, 8 sì kú. Àwọn tó fara kan aláìsàn tí wọ́n ń bẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900.

Nísinsìnyí, ṣé ọ̀kan tó? Bí o bá fi ìlú kún ìlú kí iye lè pọ̀, iye lò ń kà, kì í ṣe pé ò ń wádìí ọ̀ràn kan jinlẹ̀. Ọ̀ràn kejì gbọ́dọ̀ dán èrò rẹ wò. Yálà o retí pé ohun kan náà yóò tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí o retí òdì rẹ̀, kí o sì ti sọ ìdí kí o tó débẹ̀. Mọnrófíà kò lè ṣe é, àrùn ti tàn níbẹ̀ kí Èkó tó rí ẹni àkọ́kọ́. Dákà, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, ló bá a mu: òun náà gba àlejò aláìsàn kan ṣoṣo lọ́dún yẹn, wọ́n sì tọpinpin.

Ṣùgbọ́n má fi Pọ́tákọ́ọ̀tù sílẹ̀. Ẹnì kan tó ti fara kan aláìsàn sá kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀, ó sì kó o ran dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà náà kú ni wọ́n tó mọ̀. Bí títọpinpin bá ni ó dá àrùn dúró, o yẹ kí o rí i pé orúkọ ọ̀pọ̀ aláìsàn ti wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò kí ara wọn tó gbóná. Bí ó bá jẹ́ oríire, orúkọ tí kò sí nínú ìwé ni yóò pọ̀. Dókítà yẹn wà lára àwọn tí kò sí. Wádìí òun dáadáa ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀rí ńkọ́? O kọ pé o ní ìwé ìròyìn, ìròyìn ilé iṣẹ́ ìlera àti ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé, pé mẹ́ta ni. Wò ó, bí gbogbo wọn bá ń sọ iye kan náà pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, ẹnu kan ló sọ ọ́. Wá fọ́ọ̀mù ìbẹ̀wò ojoojúmọ́, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń bẹni wò lẹ́nu wò, kí o sì bá àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò náà sọ̀rọ̀. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà, ìyìn tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò ti wọ inú ìrántí wọn. Fọ́ọ̀mù ni kí o gbé síwájú wọn kí o tó bi wọ́n.

Bí ẹ̀rí bá sì ta kora, má wá àárín wọn. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ tèmi lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo rí fọ́ọ̀mù ọjọ́ mẹ́fà tí bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé irọ́ ni. Àwọn ìyá tí mo lọ bá sọ pé òṣìṣẹ́ náà wá. Òun fúnra rẹ̀ yọ ìwé kékeré kan nínú àpò, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ. Ìbẹ̀wò ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni kì í ṣe òtítọ́. Bí mo bá ti gbé ìwádìí mi lé ọjọ́ wọ̀nyẹn, ì bá ti wó.

Fi àbá tuntun náà ránṣẹ́ kí o tó fún alábòójútó rẹ, ojú ewé tí o ti sọ pààlà ọ̀ràn nìkan ti tó mi. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́