Ìka tó wọ etí fọ́tò: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìnáwó.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Tákíe pẹ̀lú férémù lábẹ́ abíyá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìka ni mo ní kí o yọ, n ò ní kí o yọ ìgúnpá àbúrò mi." Mo wo férémù náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìgúnpá àbúrò wọn tó dúró sí ìpẹ̀kun apá òsì ti wọ abẹ́ igi férémù. Ọmọ iṣẹ́ mi ló gé fọ́tò náà, àmọ́ èmi ni ọ̀gá rẹ̀, èmi ni mo sì bẹ̀ wọ́n. A tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí n ṣàlàyé fún yín bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń mú fọ́tò tí ìka onífọ́tò tàbí okùn kámẹ́rà wọ etí rẹ̀ wá, tí ẹ sì rò pé sísán ni ká kàn sán an dànù bí ẹni sán etí bébà.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, ṣé onífọ́tò náà ò ríran ni? Ó ríran. Ihò tó ń fi ojú kan wò lẹ́yìn kámẹ́rà ni kì í fi gbogbo fọ́tò hàn án. Lára àwọn kámẹ́rà tí owó wọn ò wọ́n púpọ̀, tí àwọn onífọ́tò òde ìnáwó ń gbé kiri, ihò yẹn máa ń fi nǹkan bí 95 nínú 100 hàn, ní ìbú àti ní òró. Ká ní fọ́tò náà ní 6000 ẹyọ àwọ̀ ní ìbú (àwọn tó ń ta kámẹ́rà ń pe ẹyọ àwọ̀ yìí ní píkísẹ̀lì), 5700 péré ni onífọ́tò rí. 150 wà lápá òsì, 150 wà lápá ọ̀tún, tí ojú rẹ̀ kò tó. Ibẹ̀ gan-an ni okùn máa ń fara pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé inú 150 yẹn nìkan ló mọ, gígé rẹ̀ kò ní ni yín lára rárá, torí pé ohun tí onífọ́tò fẹ́ yà lójú ara rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sílẹ̀. Onífọ́tò tó bá ń wo gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà dípò ihò máa ń rí gbogbo rẹ̀, àmọ́ nínú oòrùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló ń rí nǹkan kan lójú gíláàsì?

Okùn máa ń ṣe é jù nígbà tí wọ́n bá da kámẹ́rà dúró lóòró. Ìdí okùn kan á bọ́ sókè, okùn á sì rọ̀ wálẹ̀ síwájú lẹ́ńsì. Ti ìka yàtọ̀. Ọwọ́ òsì tó gbá lẹ́ńsì mú nísàlẹ̀ ló ń fa tiẹ̀, òun sì ló máa ń wọlé jìnnà ju okùn lọ.

Fọ́tò màmá yẹn nìyí. Ìyá wọn ni wọ́n sin, àwọn ọmọ mẹ́rìnlá sì tò sábẹ́ kánópì pẹ̀lú ankara. Fáìlì náà jẹ́ 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Ìka wà ní igun òsì nísàlẹ̀: ó fẹ̀ tó 420, ó sì ga tó 1300. Ìgúnpá àbúrò wọn bẹ̀rẹ̀ láti 640. Ohun tó wà ní igun, ọ̀nà méjì ló wà láti gé e: ẹ lè mú un láti ẹ̀gbẹ́, ẹ sì lè mú un láti ìsàlẹ̀. Tí a bá mú un láti ìsàlẹ̀, ó di dandan kí 1300 lọ nínú 4000, gbogbo ẹsẹ̀ àti ìdajì ìró á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ la gbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí 420 yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìka tó sún mọ́ lẹ́ńsì tó bẹ́ẹ̀ kì í mọ́ kedere. Bí èéfín ló máa ń rí, kò sì ní ààlà. Ibi tí ojú rí i pé ó parí sí kọ́ ló parí sí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń bá ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Tí fláàṣì bá kan ìka náà, á pọ́n bí ẹran tútù, pípọ́n yẹn á sì tàn kọjá ìka fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá gé e sí ibi tí ojú ní ó parí sí, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ óò rí ìlà bàìbàì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí ẹ ò ní mọ ohun tó fà á. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá mú kí fọ́tò náà mọ́lẹ̀ gan-an lójú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan, kí ohun tó fara pamọ́ nínú òkùnkùn lè jáde. Màá wo ibi tí àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ti padà bá èyí tó wà láàárín mu, ibẹ̀ ni màá fàlà sí. Lórí fọ́tò yìí, 480 ni ó bọ́ sí, kì í ṣe 420.

Ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé ìka máa ń tàn, àmọ́ ẹ̀rù bà á jù. Ó gé e dé 620 kó lè dá a lójú. Ó ṣẹ́ ku 20 péré láàárín etí fọ́tò àti ìgúnpá. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí àléébù, ìgúnpá pé pérépéré. Àmọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí ìǹṣì 8x12, 20 yẹn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, igi férémù tí a ń lò sì máa ń bo nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìgúnpá ṣe wọ abẹ́ igi nìyẹn. Nígbà tí èmi tún un gé sí 480, àyè 160 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn jẹ́ mìlímítà bíi mẹ́sàn-án dín díẹ̀ lórí bébà. Igi gba márùn-ún, ó sì ku àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò màmá. Ìdí nìyí tí a fi ń bi yín báyìí, ká tó gé nǹkan kan, pé ṣé férémù lẹ fẹ́ tàbí álíbọ́ọ̀mù. Ẹ má bínú sí ìbéèrè náà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dá ìjà sílẹ̀. Tí mo bá mú 480 kúrò ní ìbú, fọ́tò di 5520, kò sì bá 8x12 mu mọ́ àfi tí mo bá mú díẹ̀ kúrò ní òró náà. 5520 ń fẹ́ 3680, nítorí náà 320 gbọ́dọ̀ lọ. Mo mú un láti òkè, nínú aṣọ kánópì, mi ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Apá òsì ni ìka wà, kí ló dé tí ẹ gé òkè?" Ìdáhùn nìyẹn. Àwọn kan máa ń ní ká kàn na fọ́tò náà padà kó kún bébà. Ẹni tí a bá nà, ojú rẹ̀ á fẹ̀ bí ojú ẹni tí oyin ta, a kì í ṣe é.

Nínú férémù 16x20, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà yẹn kò gùn tó fọ́tò. Láti inú 5520 yẹn, tí òró rẹ̀ ti di 3680, 4600 péré ló lè wọ̀ ọ́, 920 á sì tún lọ sí i, ìyẹn ẹni méjì nínú mẹ́rìnlá. Mo sọ fún màmá pé kí wọ́n gba 16x24, wọ́n sì gbà. Ẹyọ àwọ̀ 230 ló bọ́ sínú ìǹṣì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ó sì mọ́ dáadáa fún ohun tí a óò gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀.

Gbogbo èyí ṣeé ṣe nítorí pé inú mẹ́mórì káàdì la ti mú fáìlì náà. Ká ní orí WhatsApp ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é, ohun tó jẹ́ 6000 á ti di 1600 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí a bá yọ ìka náà kúrò lára 1600, 1472 ló kù, tí a bá sì tẹ́ ẹ sórí 8x12, ìǹṣì kan ò ní rí ju 122 lọ. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lójú àwọn tó dúró lẹ́yìn: eyín wọn á di funfun kan ṣoṣo, òdòdó ara ankara á sì dàpọ̀ mọ́ra. Irú èyí, 4x6 la máa ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Tí ẹ kò bá lè wá, ẹ tẹ "Document" nínú WhatsApp kí ẹ tó mú fọ́tò náà, fáìlì á wá bó ṣe wà. "HD" dára ju lásán lọ, ṣùgbọ́n kò tó "Document".

Nígbà mìíràn, gígé kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìyàwó kan mú fọ́tò ìsọmọlórúkọ wá, lóòró ni wọ́n yà á, okùn dúdú sì rọ̀ wálẹ̀ gba orí gèlè rẹ̀ dé èjìká. Tí mo bá gé okùn, orí ló máa lọ. Mo béèrè bóyá onífọ́tò yà ju ẹyọ kan lọ, ó ní mẹ́ta ni, òun ti pa méjì rẹ́ torí ọmọ di ojú. Orí bá wa ṣe é pé ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ onífọ́tò. Okùn ti fì kúrò nínú ìyẹn. A mú gèlè àti èjìká láti inú rẹ̀, a fi bo ti àkọ́kọ́, ọmọ sì la ojú kalẹ̀. Láìsí ẹ̀dà kejì, fífi ọwọ́ kun ún ló kù. Ó rọrùn tó bá jẹ́ ògiri lásán tàbí ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn okùn. Lórí léèsì tàbí ìlà aṣọ òkè, n kì í ṣèlérí, torí ihò léèsì tí a fọwọ́ tò kì í bára mu, ẹni tó bá wo aṣọ náà dáadáa á sì rí i. Iye owó rẹ̀ yàtọ̀, a óò sì sọ ọ́ fún yín ká tó bẹ̀rẹ̀. Gígé nìkan, a kì í gba owó lórí rẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ fọ́tò lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù gé e kí ẹ tó mú un wá. Ohun tí ẹ ti gé dànù, tí ẹ sì fi ránṣẹ́, kò sí bí a ṣe lè rí i mọ́. Níbi tiwa, nínú Photoshop, a kì í fi àmì sí "Delete Cropped Pixels", nítorí náà tí ẹ bá padà wá láàárín oṣù mẹ́ta pé a gé e jù, gbogbo etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìka náà pẹ̀lú. Ẹ mú mẹ́mórì káàdì wá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fọ́tò tó dà bíi pé kò dáa wà lórí rẹ̀ títí a ó fi parí iṣẹ́.

A máa ń ṣí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ ṣáà má jẹ́ kó ju aago márùn-ún lọ.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tò yín ní Tákíe, Ògbómọ̀ṣọ́