Kọ́kọ́ dá adájọ́ lóhùn ná: lẹ́tà sí Bímpé ní Houston

Bímpé ọ̀rẹ́ mi,

Ooru Houston ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń bá a yí? Mo ti gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ tán, mo rẹ́rìn-ín gan-an níbi tó o ti ní kókó mẹ́ta lo kó lọ síwájú àwọn adájọ́ ìgbẹ́jọ́ àfidánrawò yín, ọ̀kan péré lo sọ kí ìṣẹ́jú 15 ẹ tó pé torí wọn ò jẹ́ kó o mí. Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè wọn yẹn gan-an niṣẹ́ o. Ìwé tẹ́ ẹ kọ, wọ́n ti kà á nílé, ibi tí ò dá wọn lójú ni wọ́n ń bi ẹ́.

Mo dúpẹ́ pé Riley v. California ni kóòṣì yín ní kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ò tíì dá a, torí mo mọ ẹjọ́ náà dáadáa. Ọlọ́pàá dá Riley dúró ní San Diego lọ́dún 2009 torí pé ìwé ọkọ̀ ẹ̀ ti kọjá àsìkò, wọ́n bá ìbọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú un, wọ́n sì tú inú fóònù ẹ̀ láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù. (Àwa tí wọ́n ń sọ fún níbí pé "ṣí fóònù ẹ ká rí i" lójú títì, ẹjọ́ yìí ò ṣàjèjì sí wa rárá.) Ìwọ lo dúró fún Riley, nǹkan kan ṣoṣo lo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n tó wo dátà inú fóònù ẹni tí wọ́n mú, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Kọ gbólóhùn yẹn sókè ìwé ẹ ní lẹ́tà gàdàgbà, torí ìdáhùn tó o bá fẹ́ fún wọn, òun lo máa fi wọ̀n ọ́n.

Ó dáa, jẹ́ ká mú ìbéèrè tó dà ẹ́ láàmú yẹn. Adájọ́ ní, "Ká ní fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà ló wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ńkọ́, ṣé ọlọ́pàá lè wò ó?" Ìwọ wá ní, "Ọlọ́lá, ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti wọ́lẹ́ẹ̀tì." Háà. Adájọ́ náà mọ̀ pé kì í ṣe ti wọ́lẹ́ẹ̀tì jàre! Ìbéèrè "ká ní" wà láti mọ ibi tí òfin tó ò ń bẹ̀bẹ̀ fún máa dúró sí, tó o bá ń bá ìbéèrè jà, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé o ń bẹ̀rù ìdáhùn. O rí i pé ó tún un bi lẹ́ẹ̀kejì, àbí? Tí adájọ́ bá ti tún ìbéèrè kan náà bi, o ò tíì dáhùn nìyẹn, kó o má tún àlàyé àkọ́kọ́ sọ.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán pátápátá, àní bó o bá ti mọ ibi tó ń lọ. Mí lẹ́ẹ̀kan. (Ó máa ń ṣe ìwọ bí ẹni pé ó pẹ́, àwọn ò tiẹ̀ ní fura.) Lẹ́yìn náà: "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá, ẹjọ́ Robinson gbà wọ́n láyè. Àmọ́ ìdí méjì péré ni ẹjọ́ Chimel fi gbà kí wọ́n yẹ ara ẹni tí wọ́n mú wò, kó má fi ohun ìjà ṣe wọ́n léṣe, kó má sì ba ẹ̀rí jẹ́, dátà inú fóònù tó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ò lè ṣe èyíkéyìí níbẹ̀." O dákẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló ṣáájú, ìdí tẹ̀ lé e, o sì ti padà sórí kókó àkọ́kọ́ ẹ láì sọ pé "kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi." Robinson ti 1973, tí wọ́n ti bá kápúsù heroin nínú páálí sìgá, kò sí bó o ṣe lè sá fún un, torí náà gbà á kíá kó o lọ síwájú.

Ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló le jù: "Ṣé iye fọ́tò ni wàhálà ibẹ̀, tó bá jẹ́ mẹ́wàá ńkọ́, ọgọ́rùn-ún ńkọ́?" Wọ́n fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Má kà á o! "Rárá, Ọlọ́lá, a ò ní kẹ́ ẹ ka fọ́tò. Ọlọ́pàá lè gba fóònù, ó lè wo ara ẹ̀ bóyá wọ́n fi abẹ há àárín òun àti páálí ẹ̀, ibi tí dátà bẹ̀rẹ̀ la ní kó dúró." Ìlà tí ọlọ́pàá lè rí lójú títì lo fún wọn yẹn, ìyẹn sì lohun tí adájọ́ ń wá.

Tí wọ́n bá mú bọ́ǹbù wá, pé ká ní mẹ́sééjì tó máa jẹ́ kó bú gbàmù ló wà nínú fóònù, gbà fún wọn pẹ̀lú: ọ̀ràn kánjúkánjú ti ní ọ̀nà tiẹ̀ nínú òfin, kò dí tìẹ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní ẹnì kan lè nu fóònù náà láti òkèèrè, ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ bátìrì ẹ̀ tàbí kí wọ́n dì í sínú àpò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lè wọ̀.

Àmọ́ ṣọ́ra níbi kan. Lẹ́yìn tó o bá ti gbà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, ara ẹ á ti balẹ̀, adájọ́ kan á wá rọra bi ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù nìkan ńkọ́, ẹni tó pè é àti àkókò, ìyẹn ò burú jù, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni" níbí ti pa ẹ́! Wo gbólóhùn lẹ́tà gàdàgbà yẹn: dátà lo ní, tó o bá yọ àkọsílẹ̀ ìpè kúrò, wọ́n á bi ẹ́ nípa mẹ́sééjì, lẹ́yìn ẹ̀ fọ́tò. Rárá lo máa sọ, kó o fi ẹjọ́ Wurie tó bá Riley rìn gbè é: nínú fóònù tiẹ̀, ìpè náà jáde pẹ̀lú "ilé mi" tó fi pamọ́ sí nọ́ńbà náà, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá sì gbà tọ ilé ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ ìpè ju nọ́ńbà lásán lọ nìyẹn.

Gbogbo ìbéèrè kọ́ ni ọ̀tá o. Ọ̀kan nínú fóìsì nóòtì ẹ, adájọ́ obìnrin yẹn ní, "Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé gbígba ìwé àṣẹ ò pẹ́ mọ́ láyé ìsinsìnyí?" O bẹ̀rẹ̀ sí í jà! Ìrànlọ́wọ́ ló ṣe fún ẹ. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni," o ti lọ.

Tí wọ́n bá bi ẹ́ nípa ohun tí ò sí nínú ìwé ẹjọ́, sọ pé kò sí níbẹ̀, kó o má hùmọ̀ ẹ̀. Tí káàdì bá sì ti sọ pé àkókò tán tí ìdáhùn wà lẹ́nu ẹ, tọrọ àyè láti parí ẹ̀, gbólóhùn kan, o jókòó.

Wá ohùn ìgbẹ́jọ́ gidi náà gbọ́, ti 29 April 2014, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Jeffrey Fisher ló dúró fún Riley. Má tíì ka ìdájọ́ tí Adájọ́ Àgbà Roberts kọ, gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan ni o, kó má lọ jẹ́ kó o rò pé ó rọrùn. Dá ohùn dúró lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kó o dáhùn tìẹ sókè, kó o tó gbọ́ ti Fisher.

Fi fóìsì nóòtì tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá ṣe adájọ́ oníwàhálà náà. Bá mi kí Àǹtí Ṣadé.

Èmi ni,
Tópé