Ka iye "ẹ kàn bá mi" tó wà nínú iṣẹ́ yẹn

Ọmọ mi,

Látìgbà tó o ti pè mí lálẹ́ Sọ́ńdè ni ọ̀rọ̀ wẹ́bsáìtì ìtajà tó ò ń ṣe fún kọ́sítọ́mà ẹ yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìdajì owó péré ló ti wọlé, mo wá bi ẹ́ pé ìgbà wo ló máa parí, o ní "Dádì, ó kù díẹ̀". Mo mọ "ó kù díẹ̀" yẹn dáadáa. Èmi náà sọ ọ́ fún màmá ẹ lójoojúmọ́ nígbà tí mò ń ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná màdáámù kan ní Bódìjà, mi ò sọ bó ṣe parí fún ẹ rí torí ó dùn mí, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 850 náírà la fẹnu kò sí. Bọ́ọ̀dù, híńjì, ohun tí dírọ́ọ̀ ń gùn wọlé gùn jáde, hándù àti gíránáìtì orí ẹ̀ máa jẹ ẹgbẹ̀rún 590, owó àwọn ọmọ iṣẹ́ 110, mọ́tò 20. Tó o bá yọ gbogbo ẹ̀, ẹgbẹ̀rún 130 ló kù tó jẹ́ tèmi. Fi nọ́ńbà 130 yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Nígbà tá a ti gé bọ́ọ̀dù tán ni màdáámù ní "bàbá, ẹ kàn bá mi fi dírọ́ọ̀ méjì sí i". Mo ní kò burú. Dírọ́ọ̀ kan kì í ṣe pákó iwájú nìkan o, àpótí wà nínú ẹ̀, irin méjì tó ń gùn wà, hándù wà, ẹgbẹ̀rún 18 lọ̀kan, méjì jẹ́ 36. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí tòkè kan sílíìnì kí eruku má baà máa gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn gba bọ́ọ̀dù kan àtààbọ̀ sí i pẹ̀lú híńjì, 62. Ìgbà tó yá wọ́n ní ká sún síńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èyí ló dà bíi pé ó kéré jù, òun gan-an ló sì ṣèkà jù, torí tí síńkì bá sún, páìpù omi máa sún, mo ní láti pe pọ́lọ́ńbà, kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tá a ti pín máa yí padà, dírọ́ọ̀ tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà páìpù. Pọ́lọ́ńbà gba 25. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sì fi ọjọ́ mẹ́fà kún un, 42. Ro ó pọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún 165. Mo pàdánù ẹgbẹ̀rún 35 nínú iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò wá ń wò tí wọ́n ń yìn mí.

Ohun tí ojú mi ò tètè rí nìyí: màdáámù ń fi ẹgbẹ̀rún 36 wé ẹgbẹ̀rún 850 tí wọ́n máa san, lójú wọn kékeré ni, wọn ò purọ́, wọn ò sì fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Èmi ló yẹ kí n fi wé 130. Dírọ́ọ̀ méjì yẹn nìkan ti ju ìdámẹ́rin èrè mi lọ. Iṣẹ́ tó ń wú báyìí, tí ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní sikóòpù kríìpù, bíi gàrí tá a bomi sí ló rí, o ò ní rí i nígbà tó ń wú, ìgbà tó bá kún abọ́ lo máa tó mọ̀.

Àmọ́ àmì ẹ̀ wà, mo kàn ò kà á sí ni. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu, "ẹ kàn bá mi", "kékeré ni", "ṣebí ẹ ti wà níbẹ̀ náà", tí kò sì sẹ́ni tó dárúkọ owó tàbí ọjọ́ mọ́ ọn. Tí nǹkan bá kún iṣẹ́ tí ọjọ́ ìparí ò sún, tí owó ò gbéra, ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni ohùn tuntun. Àbúrò màdáámù tó wà ní Lọ́ńdọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, òun gan-an ló ní kí síńkì sún, bẹ́ẹ̀ mi ò bá a dúnàádúrà rí. Ìwọ náà sọ fún mi pé ọkọ kọ́sítọ́mà ẹ ti ń pè ẹ́ báyìí, ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Èkẹta ò sí lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà rárá, ara èmi ló wà: mo dẹ́kun ìṣirò. Mò ń ra nǹkan lápò ara mi, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀rù iye tó máa jẹ́ ń bà mí.

Kí ló fà á? Ìwé tí mo kọ fún wọn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná kan". Kò sí iye dírọ́ọ̀, kò sí bó ṣe máa ga tó, kò sí ibi tí síńkì máa wà. Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn rò pé ó máa kan òkè, kí ni mo fẹ́ fi jà? Ẹ̀ẹ̀kejì, èèyàn kì í mọ ohun tó fẹ́ títí tó fi máa rí i níwájú ẹ̀, kò sóògùn ẹ̀, ìyẹn ló ṣe yẹ kí n fi sẹ́lótéèpù sàmì gbogbo ẹ̀ sára ògiri kí n tó gé nǹkankan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo fi ibi ìgbé-ìgò-sí kan ta wọ́n lọ́rẹ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ mi dáadáa níta, wọ́n sì rò pé bó ṣe máa máa rí nìyẹn. Ojú tún ń tì mí, àgbàlagbà tó ń pè mí ní bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa dárúkọ owó ní gbogbo ìgbà?

Má ṣì í gbọ́ o. Tí ilẹ̀kùn tí mo ṣe bá wọ́, àtúnṣe ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, àṣìṣe mi nìyẹn. Tí bọ́ọ̀dù bá wọ́n lọ́jà, ìṣòro ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ohun tí a ò bára wa sọ níbẹ̀rẹ̀ ni mò ń wí.

Báyìí, tí wọ́n bá béèrè nǹkan, mi ò kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ní "ó ṣeé ṣe mà, ẹ jẹ́ n wò ó", lálẹ́ màá fi ránṣẹ́: iye ẹ̀ rèé, ọjọ́ tó máa fi kún un rèé, àbí ẹ fẹ́ ká yọ nǹkan míì dípò? Ìdajì wọn ló máa ń ní ká fi sílẹ̀, inú ò sì bí wọn.

Lálẹ́ òní, ṣí Wasáàpù kọ́sítọ́mà ẹ, bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ jọ dúnàádúrà, kọ gbogbo ohun tí wọ́n ti ní kó o kàn bá àwọn ṣe. O ní ọjà 40 lẹ jọ sọ pé ó máa wà lórí wẹ́bsáìtì náà, ó ti di 300, ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi ìsanwó tí ò sí nínú ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà, kọ ọ́, pẹ̀lú wákàtí tó gbà ẹ́. Kọ èyí tí ìwọ fúnra ẹ fi kún un láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Lẹ́yìn náà kọ iye tó yẹ kó kù fún ẹ sísàlẹ̀, fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó o tó pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, mi ò ní sùn kí n tó rí i.

Bàbá ẹ