Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi: Ewì fún Ọ̀sẹ̀ Lẹ́ńtì

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, Èkó.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Inú mi dùn nígbà tí o sọ lórí fóònù pé ìwọ àti àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ti ń ṣe ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ rẹ, àti pé ẹ fẹ́ máa ka ewì kan lọ́sẹ̀ títí di Àjíǹde. O ní kí n fi tiwa ránṣẹ́. Màá fi ọ̀kan ránṣẹ́, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń kọ ọ́, torí ewì tí a kọ fún ẹnu àwọn tó wà nílé wa lè má bá ẹnu tiyín mu.

Alaalẹ́ Ẹtì la máa ń pàdé, kí a tó ṣínu. Ẹnu ti gbẹ, ebi ti mú, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó láti Ọbáléńdé ni. Ẹni tó gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ kì í ní èémí fún ìlà gígùn, nítorí náà ìlà kan, èémí kan ni òfin wa. Ìlà méjìlá sí mẹ́rìndínlógún ti tó. Àwọn àgbà méjì wà láàárín wa tí kò mọ̀wé kà, iná ọba sì lè lọ nígbàkigbà, tí ìwé ọwọ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó yanjú èyí ni lílé àti ègbè. Ẹnì kan ló ń lé ewì, àwa yòókù ń gbè. Inú Bíbélì tí a kà lọ́jọ́ náà la ti máa ń mú ègbè, ó sì gbọ́dọ̀ kúrú débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á lè gbè é.

A kì í kọ ọ́ lórin. Ekúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ olùdarí orin ní Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, ti tẹnu mọ́ ọn tipẹ́ pé ohùn orin tí a gbé ti òkè òkun wá máa ń ṣi ọ̀rọ̀ Yorùbá gbé, torí ohùn tiwọn lè gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti ń sọ̀. Ìwọ wo ìtàn obìnrin ará Samáríà, níbi tí Jésù ti sọ fún un pé ó ti ní ọkọ márùn-ún. Bí orin bá fa ohùn yẹn sísàlẹ̀, ọkọ á di ọkọ̀. Bó bá gbé e sókè, ó di ọkọ́. Ohùn ẹnu ló yẹ ewì wa, kí ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ohun tó jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o di mú jù lọ rèé: má jẹ́ kí ewì Lẹ́ńtì dé Àjíǹde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewì ti ń bàjẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aginjù, ẹsẹ kẹta kò ní tíì pé tí á ti fò dé ibojì òfìfo, tí á sì fi ìṣẹ́gun parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kànga, á tún fi ìṣẹ́gun kan náà parí rẹ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o mú ìlà tó kẹ́yìn nínú ewì ọ̀sẹ̀ kejì, kí o fi í sídìí ewì ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bó bá jókòó síbẹ̀ láìsí wàhálà, ewì náà kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kankan. Ibi tí ìtàn ọ̀sẹ̀ yẹn bá dé ni kí ewì dúró sí. O mọ̀ pé a kì í pe Halelúyà nínú ìsìn láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde. Ewì náà gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ayọ̀ bá ń gbọ̀n yín lára, Ọjọ́ Ìsinmi wà fún un. Láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni, àmọ́ àwọn Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà inú rẹ̀ kò sí nínú ogójì ọjọ́ ààwẹ̀, torí ìrántí àjíǹde Olúwa ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àwọn ìtàn tí a ń lò ni ti ọdún Mátíù nínú ètò kíkà ọlọ́dún mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń tẹ̀ lé. Ọdún bẹ́ẹ̀ ni 2026. Aginjù ló máa ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà ni Jòhánù á gba iwájú: Nikodémù tó wá lóru, obìnrin ará Samáríà, afọ́jú tí a fi amọ̀ pa lójú, àti Lásárù. Àwọn Àgùdà ń ka ìpaláradà dípò Nikodémù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìtàn gígùn ni wọ́n, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn wọn fún ewì: èèyàn pọ̀ nínú wọn tó ń fèsì, o sì lè yan ẹnu ẹni tí o máa fi sọ̀rọ̀.

Ti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún ọ. Jòhánù orí kẹrin ni. Wákàtí kẹfà, ìyẹn ọ̀sán gangan, Jésù ti rìn títí ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sẹ́bàá kànga Jákọ́bù, ó ní kí obìnrin náà fún òun lómi mu. Nígbà tó di ẹsẹ 15, obìnrin náà ló wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó fún òun ní omi tirẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni, ẹnu tó ń bẹ̀ ẹ́ ló yí padà. A rí i pé ègbè wa ti wà níbẹ̀ láìwá a jìnnà: "Fún mi lómi mu." Àwa tí a ń gbè é kò ní yí ọ̀rọ̀ kan padà, síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ Jésù là ń gbẹnu sọ fún, ní àárín obìnrin náà, bó bá sì dé ìparí, àwa fúnra wa tí ọ̀nà ọ̀fun wa gbẹ là ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò kan láàárín wa ló kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kọ pé obìnrin náà sọ ìkòkò rẹ̀ nù nítorí pé kò nílò rẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì, tó ti ń pọn omi kiri àdúgbò yìí kí wọ́n tó gbẹ́ bóhóólù sílé rẹ̀, ní rárá o. Ó ní: "Ẹ̀yin ò tíì tò sí ìdí ẹ̀rọ omi rí. Ẹni tó bá fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń padà bọ̀ ni. Àti pé, ṣé kì í ṣe ọkùnrin yẹn ni kò ní ohun tó lè fi fa omi?" A ṣí Bíbélì, a rí i ní ẹsẹ 11 pé obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Jésù kò ní nǹkan ìfami, kànga náà sì jìn. Ẹsẹ 28 ní ó fi ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀. Bíbélì kò sọ fún wa bóyá Jésù mu omi náà, ewì wa náà kò sì sọ ọ́. Bó ṣe rí nìyí:

Oòrùn kàn mí ní àtàrí.
*Fún mi lómi mu.*
Àlejò kan jókòó sẹ́bàá kànga.
*Fún mi lómi mu.*
Júù ni, ará Samáríà ni mí.
*Fún mi lómi mu.*
Kànga yìí jìn,
okùn mi kò tó.
*Fún mi lómi mu.*
Ó ní omi kan ń bẹ tí kì í tán.
*Fún mi lómi mu.*
Ó ka ìwà mi fún mi, kò lé mi.
*Fún mi lómi mu.*
Mo gbé ìkòkò mi tì í lẹ́sẹ̀.
Mo ń sáré lọ sígboro, mo ń bọ̀.

Wo ìlà méjì tó wà láàárín. "Jìn" parí sí ohùn ìsàlẹ̀, "tó" parí sí ohùn òkè. Bí ẹni tó ń lé e bá fún wọn ní ohùn wọn bó ṣe yẹ, ohùn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ bíi garawa, á sì gòkè padà, ìdí nìyẹn tí a kò fi ègbè sí àárín wọn. Ìlà méjì tó kẹ́yìn náà kò ní ègbè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn kan ti yanu láti gbè é, wọ́n sì rí i pé ibẹ̀ ló parí sí. A dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù gbàdúrà. Má fi ègbè kún un nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Obìnrin yẹn ṣì wà lọ́nà ni.

Ègbè yìí kan náà la tún máa ń mú jáde ní Ẹtì Rere, nígbà tí Jésù bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun lórí àgbélébùú, Jòhánù 19:28. Ní orí kan náà, ẹsẹ 14, wákàtí kẹfà ni Jòhánù tún dárúkọ, nígbà tí Pílátù mú un jáde síwájú àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń lé e nìkan ló máa ń sọ pé "Fún mi lómi mu", ẹnikẹ́ni kì í gbè é. Bí ẹ kò bá ka ti ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyẹn ò ní yé yín, nítorí náà ẹ má fo ó.

Ti Lásárù, Jòhánù orí kọkànlá, ni mo fẹ́ kí o bá wa kọ. Orin Dáfídì 130 ni wọ́n ń kà pẹ̀lú rẹ̀, o lè fi "Láti inú ibú" ṣe ègbè. Bíbélì tí a ó kà á dé ibi tí òkú ti jáde, àmọ́ jẹ́ kí ewì dúró níwájú òkúta, níbi tí Màtá ti ń sọ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin, ó ti ń rùn. Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀. Ìlà tó bá yára sọ pé òkú jí ní ọjọ́ kẹrin á jẹ́ ìyà fún un. Jẹ́ kí Jésù sọkún kó pé, bí ẹsẹ 35 ṣe sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pàṣẹ fún un pé kó nu ojú.

Fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, fi ohùn rẹ sínú fóònù pẹ̀lú ìwé náà, torí Ìyá Ìbejì ló máa lé e, etí ló sì fi ń kọ́ ọ. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta.