Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé ẹjọ́ Ìlú Ọba

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn agbẹjọ́rò ní London. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí mo ń bá pàdé ló gbà pé ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣojú rẹ̀ kò lè gba kọ́bọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá bó. Àwọn míì gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i ló máa gba owó gbà-má-bìínú. Irọ́ ni méjèèjì.

Ẹ wo ẹjọ́ McLoughlin àti O'Brian tí wọ́n dá ní 1982. Ìyá kan wà nílé lóṣù Kẹwàá 1973 nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ní nǹkan bíi máìlì méjì sí i. Ó tó bíi wákàtí kan kó tó gbọ́, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Cambridge. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù ti kú. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì, wọn ò tíì nù ún. Ilé-ẹjọ́ ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó, torí pé bí jàǹbá náà ṣe sọ wọ́n dà ló ṣe bá wọn. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀dùn ọkàn lásán kò tó: àìsàn tí dókítà ọpọlọ lè dárúkọ ni òfin ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àìbìkítà ẹnì kan ló fa jàǹbá náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ti pápá ìṣeré Hillsborough ní Sheffield. Ní April 15, 1989, àwọn ọlọ́pàá jẹ́ kí èrò pọ̀ jù níbi ìdúró, èrò fún èrò pa, àwọn tó kú sì di 97 nígbẹ̀yìn. Àwọn ẹbí pe ọ̀gá ọlọ́pàá lẹ́jọ́, ẹjọ́ Alcock ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 1991, gbogbo wọn ló pàdánù. Àwọn kan lára wọn, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i. Ẹlòmíì wá wo òkú àna rẹ̀ lóru, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́jọ, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú pápá yẹn gan-an, ó ń wò ó, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì ló sì kú. Òun náà kò rí nǹkan gbà, torí pé kò mú ẹ̀rí wá pé ìfẹ́ tímọ́tímọ́ wà láàárín wọn. Òfin gbà láìbéèrè pé òbí fẹ́ràn ọmọ, pé ọkọ fẹ́ràn aya. Kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyá.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà? Ká ní ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ ń rìn létí títì, ọkọ̀ tó ń sáré asápajúdé gbá a pa lójú rẹ, o kò sì lè sùn mọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò máa bi ọ́ ni ibi tí o dúró sí. Bí ọkọ̀ náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìwọ náà, tí ewu wà fún ara rẹ, o kò nílò àtifi ìfẹ́ kankan hàn. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá bá ń kọ ohun tí o sọ, jẹ́ kó kọ bí ọkọ̀ náà ṣe súnmọ́ ọ tó. Bí o bá wà lódìkejì títì, wá ẹ̀rí jọ: fọ́ọ̀mù ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ sí bí alágbàtọ́, ìwé owó tó ń fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ń sọ lórí fóònù. Tètè lọ rí dókítà àdúgbò rẹ, kí ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni gbèdéke tí òfin fún àgbàlagbà láti pẹjọ́.

Bó bá jẹ́ pé dókítà ni kò tètè rí àìsàn, tí ẹni náà wá ṣubú lulẹ̀ kú lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sí owó fún àwọn ọmọ náà. Bí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣe dá ẹjọ́ Paul nìyẹn lóṣù Kìíní 2024: wọ́n ní àìsàn kì í ṣe jàǹbá. Èmi ò rí ìyàtọ̀ tó wà lójú ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń kú.

Láti 1998 ni ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin ti ní kí wọ́n fi ọmọ ìyá kún àwọn tí òfin gbà láìbéèrè pé ìfẹ́ wà láàárín wọn. Wọn ò ṣe é. Mo rọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì sọ fún un irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ nínú ilé wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ògbufọ̀ kan, London